Ayamáṣe inú ìgò: ṣé ó lè pẹ́ lórí pẹpẹ láìsí firíìjì?

Alásè Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ojúde Ọba ti ń súnmọ́, àwọn tó ń wálé láti Èkó àti òkè òkun sì ti ń bèèrè ayamáṣe tí wọ́n máa gbé padà lọ. Mo fẹ́ máa dì í sínú ìgò onídérí irin tó ń gba 500 ml, kí n sì máa tà á lórí pẹpẹ bí wọ́n ṣe ń ta tòmáátì alágolo.

Bí mo ṣe ń sè é nìyí: tàtàṣé tútù aláwọ̀ ewé kílò 2, rodo aláwọ̀ ewé gíráàmù 300, àlùbọ́sà gíráàmù 500, epo pupa lítà 1 tí mo jó títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, irú gíráàmù 150, ẹran àti ṣàkì kílò 1, ede díẹ̀, iyọ̀. Mo máa dín ata títí omi rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, kí n tó rọ ọ́ sínú ìgò nígbà tó ṣì ń hó. Lẹ́yìn náà ni màá to àwọn ìgò sínú ìkòkò omi, kí omi bo orí wọn, kí n sì jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 45. Ìdérí máa ń fà wọlé dáadáa tó bá tutù. Oṣù 3 ni mo fẹ́ kọ sára ìwé ìgò. Ṣé ó dáa, àbí kí n fi ìṣẹ́jú kún un?

Bàbá Onígò

Alásè, ọ̀nà yẹn dáa. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ ni ìgò àti ìdérí. Má lo ìdérí tí wọ́n ti ṣí rí, torí rọ́bà inú rẹ̀ ti tẹ̀, kì í fà mọ́ ìgò mọ́. Fi omi gbígbóná yọ́ ìgò kó gbóná kí o tó rọ ọbẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á là lọ́wọ́ ẹ. Fi inú ọrùn ìgò sílẹ̀ bí ìdajì ìka. Nu ẹnu ìgò mọ́ kúrò nínú epo, torí epo ni kì í jẹ́ kí ìdérí mú.

Ti pé kó má bàjẹ́, epo tó léfòó lókè yẹn gan-an ni ìdáàbòbò. Afẹ́fẹ́ kò lè kọjá níbẹ̀. Àwọn ìyá wa ò ní firíìjì, ata dídín wọn sì ń lo ọ̀sẹ̀ 2 nínú ìkòkò láìsí wàhálà. Sè é fún wákàtí kan kó lè dá ẹ lójú.

Ìyá Ìbejì Òdogbolú

Èmi máa ń lọ ata mi pọ̀ ni, kí n sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kí n wá fi sínú nọ́ọ̀lọ̀ọ̀nù kéékèèké sínú fírísà. Ó ń lo oṣù 2. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan ó máa ń yọ̀. Ṣé kí n dà á nù ni àbí kí n tún un dì?

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Màá kọ́kọ́ dá Alásè lóhùn, Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láàyè díẹ̀, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Alásè, ẹ má tíì ta ìgò kankan. Ìṣẹ́jú 45 kò tó, wákàtí 1 kò tó, wákàtí 3 pàápàá kò tó, torí ibi tí omi ti ń hó kò kọjá dígírì 100, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kòkòrò tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Kìlòsítírídíọ̀mù bótúlínọ̀mù, àìsàn tó ń fà ni bótúlísíìmù. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń bá erùpẹ̀ wọlé lára ata, àlùbọ́sà àti aáyù. Bí ibi tó wà kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró líle, hóró yẹn ni omi híhó kò lè pa. Dígírì 121 ló ń pa á, ìyẹn sì gba ìkòkò oníprẹ́ṣọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí híhó yẹn ṣe fún un. Ó pa gbogbo kòkòrò yòókù tí ì bá bá a du oúnjẹ. Ó lé afẹ́fẹ́ jáde. Ìdérí wá fà wọlé, kò sì sí afẹ́fẹ́ mọ́ nínú ìgò. Kòkòrò yìí kì í lè dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ ti bá a tọ́jú ilé. Ooru tó wù ú jù kò jìnnà sí dígírì 35, pẹpẹ ìsọ̀ wa sì ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Láàárín ọjọ́ mélòó kan hóró yẹn á hù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe májèlé. Nítorí náà, ìdérí tó fà wọlé ò sọ pé ọbẹ̀ dáa. Ohun tó sọ ni pé afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀.

Bàbá Onígò, òótọ́ lẹ sọ nípa ìgò àti ìdérí, kí Alásè tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Epo ni ẹ kò sọ tán. Epo ń dènà afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà rẹ̀. Ní ọdún 1985 ní Fánkúfà ní Kánádà, aáyù gígé tí wọ́n fi sínú òróró ló mú ènìyàn 36, torí wọ́n gbé e síta dípò firíìjì. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju aáyù àti òróró lọ.

Bàbá Onígò

Ata dídín àwọn ìyá wa ńkọ́? Kí ló dé tí kò pa wá?

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Torí wọ́n ń gbé e kaná lójoojúmọ́, bàbá. Ìkòkò onídérí tí a ń ṣí tí a ń pa kì í ṣe ìgò tí a dì pa. Ohun kejì sì ni pé májèlé kò le bíi hóró. Hóró kò gbọ́ omi híhó, ṣùgbọ́n májèlé tó bá ti jáde ń bàjẹ́ bí ọbẹ̀ bá hó kunkun fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ kaná láràárọ̀, tó ń jẹ́ kó hó dáadáa, ń ba májèlé jẹ́ kó tó pọ̀, ó sì ń pa kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bí ó bá wá dẹ́kun gbígbé e kaná fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ayamáṣe inú ìgò kì í hó o fún ìṣẹ́jú 10. Á dà á sórí ìrẹsì gbígbóná, tàbí kí ó fi sínú maikirowéèfù kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ò lè gbé ààbò lé ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

Onísọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ fi sódíọ̀mù bẹ́ńsóéètì sí i ni, ó parí. Gbogbo kòkòrò ló ń dá dúró.

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Bẹ́ńsóéètì ń dènà ìbu àti kòkòrò ìwúkàrà, ó sì tún fẹ́ kí oúnjẹ kan dáadáa kó tó ṣiṣẹ́. Nínú ayamáṣe tí kò kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Tí oúnjẹ bá ti kan tó tí bẹ́ńsóéètì fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa, kòkòrò bótúlísíìmù kò lè hù níbẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà kíkan yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè fi bẹ́ńsóéètì lé e nítorí ìbu lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí ìgò, ní ìwọ̀n tí NAFDAC bá gbà, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò kíkan.

Alásè Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kan ń sọ kíkan, kíkan. Báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ kan tó? Ṣé kí n da fínígà sínú ayamáṣe ni?

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Ohun tí a fi ń wọn kíkan ni pH. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni oúnjẹ ṣe ń kan sí i. Ààlà tí gbogbo ayé ń lò fún kòkòrò yìí ni 4.6. Bí oúnjẹ bá kan kọjá ibẹ̀, hóró lè wà nínú rẹ̀ títí láé kò ní hù. Èmi kì í dúró sí 4.6, 4.0 sísàlẹ̀ ni mo máa ń wá, torí ata tòní kì í ṣe ata ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìkòkò yín wò. Tàtàṣé tútù wà ní nǹkan bíi 5. Àlùbọ́sà ga jù ú lọ díẹ̀. Ẹran wà lókè 5. Irú, ìyẹn burú jù, ó ń kọjá 7, torí bí irú ṣe ń rà ló ń jáde kúrò nínú kíkan. Kò sí nǹkan kan nínú ayamáṣe tó wà lábẹ́ 4.6. Kì í ṣe ìyẹn nìkan o. Irú àti ẹran máa ń pa kíkan fínígà tí ẹ bá dà sí i, ẹ á máa dà á, nọ́ńbà á máa rọra sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé ibi tí a ń wá, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ayamáṣe mọ́, torí á ti kan bíi tàmáríǹdì. Fínígà tún ń tẹ̀ lé omi ni, kì í wọnú epo. Kòkòrò lè wà nínú èérún irú kan tí epo bò mọ́lẹ̀, kí fínígà má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ayamáṣe pípé, pẹ̀lú epo, irú àti ẹran, kò ní ọ̀nà orí pẹpẹ ní ilé. Fírísà ni tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpẹru

Kí ló dé tí kò ní lo ìkòkò oníprẹ́ṣọ̀? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé dígírì 121 ń pa á.

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ìkòkò oníprẹ́ṣọ̀ tí a fi ń se ẹran àti ẹ̀wà nílé kò ní ojú ìwọ̀n tí yóò sọ fún un pé ó dé 121 ó sì dúró níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó ní in, ara ìgò lóde ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀, àárín ìgò ló sì gbọ́dọ̀ dé. Ọbẹ̀ tó ki, tó kún fún epo, ń jẹ́ kí ooru rọra wọlé, epo sì máa ń dáàbò bo hóró. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ki ohun tó ń wọn ooru sí àárín ìgò kí wọ́n tó mọ ìṣẹ́jú tó yẹ fún oúnjẹ yẹn, ní ìwọ̀n ìgò yẹn. Kò sí ìṣẹ́jú kankan tí ẹnì kan ti wọ̀n fún ayamáṣe Alásè. Ẹni tó bá ní kí ó lo ìṣẹ́jú 90 ń méfò ni.

Ní ọdún 1977, ní ìlú Pọ́ńtíàkì ní ìpínlẹ̀ Míṣígàn ní Amẹ́ríkà, ènìyàn tó lé ní 50 ló ní bótúlísíìmù nílé oúnjẹ kan. Ata halapẹ́ńyò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dì sínú ìgò ni, wọn kò sè é dé ibi tó yẹ. Ata ni o, kì í ṣe ẹja, kì í ṣe ẹran. Mo ń sọ èyí torí àwọn ènìyàn gbà pé títa ata ń pa kòkòrò. Kòkòrò yìí kò mọ̀ pé ata ń ta.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n bó bá dé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 36 lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ mélòó kan. Ojú ló ń kọ́kọ́ kàn. Ènìyàn á máa rí nǹkan kan ní méjì, ìpéǹpéjú á máa wálẹ̀, ẹnu á gbẹ, ọ̀rọ̀ á máa fà bíi ti ọ̀mùtí, kò ní lè gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni àìlera á máa sọ̀kalẹ̀ láti orí sí apá, sí àyà, sí ẹsẹ̀. Tó bá dé àyà, èémí ló ń bá lọ. Ara kì í gbóná, orí ẹni náà sì ń pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé e lọ sílé àdúrà, tí àwọn mìíràn ń sọ pé rọpárọsẹ̀ ni. Rọpárọsẹ̀ sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan, èyí máa ń mú ìhà méjèèjì pọ̀.

Kò sí àgbo fún un o. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ ìmí, bíi ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Ṣágámù níbí, ẹ sọ ohun tí ó jẹ fún dókítà, ẹ sì gbé ìgò tàbí oúnjẹ tó ṣẹ́kù dání nínú nọ́ọ̀lọ̀ọ̀nù méjì. Oògùn tó ń dá májèlé náà dúró wà, ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì mú iṣan ló lè dá dúró, kò lè tú èyí tó ti mú. Ìdí nìyí tí wákàtí fi ṣe pàtàkì. Bí ẹni méjì tó jọ jẹun bá ń ṣe bákan náà, ẹ má dúró kí ìkẹta bẹ̀rẹ̀.

Onísọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n tí ìgò bá bàjẹ́ ṣebí á rùn? Èmi máa ń tọ́ ọ wò lórí ahọ́n kí n tó tà.

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́ ọ wò mọ́. Nígbà mìíràn ìdérí máa ń wú, tàbí kí ọbẹ̀ hó jáde bí ẹ bá ṣí i, tàbí kó rùn bí ohun tó rà. Bí ìdérí bá ti wú, ẹ má ṣí i rárá. Ẹ di ìgò náà sínú nọ́ọ̀lọ̀ọ̀nù, ẹ dà á nù síbi tí ajá àti adìyẹ kò ní dé, ẹ fi omi bílíìṣì nu ibi tó bá ta sí. Ṣùgbọ́n àwọn oríṣi kan kì í rùn, wọn kì í wú, ọbẹ̀ á sì dùn bó ṣe ń dùn. Ìwọ̀nba tó lè wà lórí ahọ́n yín tó láti ṣe yín ní jàǹbá.

Alásè Ìkẹ́nnẹ́

Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, mo ti rọ ayamáṣe sẹ́yìn. Ṣé kò wá sí nǹkan kan tí mo lè gbé sórí pẹpẹ?

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Ó wà. Ẹ ta ata rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lọ dín in fúnra wọn. Ata lílọ̀ onífínígà ni mò ń wí, láìsí epo, láìsí irú, láìsí ede, láìsí ẹran. Ẹ lè di irú gbígbẹ sínú nọ́ọ̀lọ̀ọ̀nù kékeré mọ́ ara ìgò.

Ẹ fi kílò 1 dán an wò kí ẹ tó sè púpọ̀: tàtàṣé tí a ti yọ hóró rẹ̀ gíráàmù 700, rodo gíráàmù 150, àlùbọ́sà gíráàmù 150. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé ìdí rẹ̀ kúrò, kì í ṣe bí ẹ ṣe rà á lọ́jà. Fínígà tó jẹ́ 5% ml 500. Ẹ ka ara ìgò fínígà o, àwọn kan jẹ́ 4%, àwọn kan ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, ẹ má lo èyí tí kò kọ ọ́. Iyọ̀ gíráàmù 30. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò fínígà, torí kíkan ọsàn kan kò bá ti èkejì mu.

Ẹ fọ ata ní omi mẹ́ta kí erùpẹ̀ kúrò. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ fínígà kúnná dáadáa, torí kíkan kì í tètè wọ àárín ègé ńlá. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa rò ó. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbóná nígbà tó ṣì kọjá dígírì 85, ẹ ṣe ẹnu ìgò bí Bàbá Onígò ṣe wí, ẹ dé e, kí ẹ wá sè é nínú ìkòkò omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10 fún ìgò 500 ml. Níbí, híhó fún ìṣẹ́jú 10 tó, torí kíkan ló ń ṣọ́ hóró. Ìbu àti àwọn kòkòrò mìíràn ni híhó yẹn wà fún.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣí ìgò kan nínú gbogbo ìsè yẹn, ẹ wọn pH rẹ̀ nígbà tó bá ti tutù. Tó bá jẹ́ 4.0 tàbí kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọjá. Tó bá lé díẹ̀, ẹ dà wọ́n padà sínú ìkòkò, ẹ fi fínígà ml 50 kún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un sè, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá lé ní 4.6, ẹ má tà á rárá.

Ìyá Ìbejì Òdogbolú

Á mà kan o! Ṣé kí wọ́n fi káún díẹ̀ sí i kó pa kíkan rẹ̀, bí a ṣe ń fi sí tòmáátì?

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Háà, ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Káún ni kò gbọ́dọ̀ wọnú ìgò yẹn láéláé. Ohun tó ń pa kíkan lẹ́nu yín náà ló ń pa kíkan tó ń ṣọ́ ata. Sódà funfun tí a fi ń ṣe kéèkì náà bẹ́ẹ̀. Ṣúgà díẹ̀ lè wọlé, kì í gbé pH sókè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ìgò, tí ata ti wà nínú epo lórí iná, kí wọ́n fi káún tàbí irú sí i bó ṣe wù wọ́n. Apá kan nínú fínígà á ti bá oru lọ nígbà yẹn.

Ẹ má bínú pé mo gbàgbé yín. Ata nọ́ọ̀lọ̀ọ̀nù yín tó yọ̀: bí yìnyín bá ṣì wà láàárín rẹ̀, tàbí tó ṣì tutù bíi ti inú firíìjì, ẹ lè tún un dì. Bó bá ti gbóná tó ooru ilé, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣí fírísà nígbà tí iná bá lọ. Èyí tó kún fọ́fọ́ lè di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bí ọjọ́ 2 bí ẹ kò bá ṣí i, èyí tó kún dé ìdajì kò tó bẹ́ẹ̀.

Alásè Ìkẹ́nnẹ́

Ìwé tí wọ́n fi ń wọn pH, èyí tó ń yí àwọ̀, mo rí i lọ́jà. Ṣé ó tó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpẹru

Ó tó, a máa ń lò ó níléèwé.

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Fún omi funfun, bóyá. Ata á kun ìwé yẹn kí ẹ tó rí àwọ̀ tirẹ̀, tàtàṣé pupa sì burú jù fún un. Ẹ ra mítà kékeré aláfọwọ́mú, pẹ̀lú omi ìdánwò 4.0 àti 7.0. Kí ẹ fi omi méjèèjì tún un ṣe ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, torí mítà tí a kò tún ṣe lè fi odindi 0.5 parọ́. Ẹ fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ata, ẹ má sì jẹ́ kí epo kan án.

Oníwàrà Awà

Èmi kì í lo fínígà. Mo ń lọ ata, mo ń fi iyọ̀ sí i, mo ń jẹ́ kó kan fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 nínú ike. Ó ń dé 3.7. Ó sì dùn ju ti fínígà lọ. Kí ló burú níbẹ̀?

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Kò burú tí nọ́ńbà yẹn bá dúró bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìsè. Iyọ̀ mélòó nínú kílò kan?

Oníwàrà Awà

Gíráàmù 25 sí 30. Mi ò kì í wọn gbogbo rẹ̀ o, mo máa ń wọn ìgò àkọ́kọ́.

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ wọn gbogbo ìsè. Ìbu tó bá hù lójú ata lè jẹ kíkan rẹ̀ kí pH tún gòkè. Lórí pé ó dùn ju ti fínígà, mi ò ní bá yín jiyàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Lọ́ńdọ̀nù

Èmi nífẹ̀ẹ́ sí ti fírísà. Bí Alásè bá di ayamáṣe pípé, tó dì gbagidi, mo lè gbé e sínú ẹrù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Wákàtí 6 péré ni ọkọ̀ òfuurufú.

Bàbá Onígò

Ìṣírò yín kò pé. Ẹ ka wákàtí láti Ìkẹ́nnẹ́ dé pápákọ̀, ẹ ka wákàtí tí ẹ ó fi dúró ní Ìkẹjà, ẹ ka ti èkejì tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀.

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Ẹran kò gba ẹnu ibodè Gẹ̀ẹ́sì kọjá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Bí kò bá ní ẹran, ike pẹlẹbẹ ni kí ó wà, kì í ṣe nọ́ọ̀lọ̀ọ̀nù tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ó dì gbagidi, kí ó wà nínú àpótí onífóòmù. Tí ẹ bá délé tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sí fírísà. Tó bá ti yọ̀ tán ṣùgbọ́n tó ṣì tutù, kó wọ firíìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3 tàbí 4, kó sì hó fún ìṣẹ́jú 10 lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dárí jì í.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù

Èmi ò tiẹ̀ ní gbé e. Ata onífínígà ni màá gbé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Lọ́ńdọ̀nù

Ata onífínígà kì í ṣe ayamáṣe, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Alásè Ìkẹ́nnẹ́

Màá sè kílò 1 yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ayamáṣe pípé, fírísà nìkan, màá kọ ọ́ sára ike rẹ̀ ní ńlá. Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n kọ sára ìgò ata?

Onílàábù Àgọ́-Ìwòyè

Ọjọ́ tí ẹ sè é, nọ́ńbà ìsè, àti pé kó wọ firíìjì lẹ́yìn ṣíṣí. Kí ẹ ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ẹ ń kọ pH ìsè kọ̀ọ̀kan sí, kí ẹ fi ìgò kan pamọ́ nínú gbogbo ìsè. Ẹ lọ bá NAFDAC kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórí pẹpẹ, ìwé pH yẹn á wúlò fún yín níbẹ̀. Tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá jáde, ẹ gbé e síbí ká wò ó.